Iná Pápá àti Ìjà Igi pẹ̀lú Koríko ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ìrì òwúrọ̀ ti ń dín kù, tí koríko inú pápá sì ti gbẹ dé ìdí, kì í pẹ́ tí màjàlà fi ń já bọ́ sí àgbàlá àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Àwọn ọmọdé a máa sáré mú un lójú afẹ́fẹ́, ìyá tí ó sá èlùbọ́ a máa ké pé wọ́n ti ba nǹkan òun jẹ́, ọdẹ a sì mọ̀ pé ọ̀yà ti ń jáde kúrò ní ibùba rẹ̀. Ọdọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ó ti di ohun tí gbogbo ojú mọ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí iná bá ń jó ilẹ̀ kan lọ́dọọdún, báwo ni igi ṣe kù sí ibẹ̀ rárá? Bí igi bá sì lè kù sí ibẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀ títí kí ilẹ̀ náà fi di igbó?

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni pé òjò ni kò tó. Ìdáhùn yìí kò jẹ́ irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jẹ́ òótọ́ jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2005, Mahesh Sankaran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀n igi tí ó wà ní ibi 854 jọ káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà, wọ́n sì fi í wé ìwọ̀n òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún. Wọ́n rí i pé níbi tí òjò ọdún kan kò bá ti tó nǹkan bí 650 mìlímítà, òjò ni ó ń ṣe ààlà fún igi. Bí ó ti wù kí a ṣọ́ ilẹ̀ náà tó, igi kò lè bò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí òjò bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, omi tó fún igi láti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá bò ó, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ó ń dá a dúró, yálà iná ni o tàbí ẹranko tí ń jẹ ewé. Ní apá gúúsù ilẹ̀ ọ̀dàn Yorùbá, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí igi nílò. Òjò kọ́ ni a ó dá lẹ́bi níbẹ̀.

Ibi tí a ti fi ojú rí ẹ̀rí ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, níbi tí odò Ògùn gbà kọjá, ni igbó ọba Olókeméjì wà. Ojú ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ni ó wà, ó sì bọ́ sí ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti fi ara kan ara. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó wọn ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ọ̀dàn ibẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní àdúgbò kan náà, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ya ara wọn. Ìkíní, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ní nǹkan bí oṣù Máàṣì. Ìkejì, wọ́n ń sun òun náà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bí oṣù Dìsẹ́ńbà. Ìkẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá.

Ó rọrùn láti sọ pé a kò ní jẹ́ kí iná dé ibì kan. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ ni ó mọ bí ó ti rí. Ọ̀nà iná ni ó ní láti wà yí ilẹ̀ náà ká, kí a máa ro ó títí yóò fi mọ́ kedere kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ sì wà. Ọdún kan tí a bá gbàgbé, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè bá a lọ. Ìdí nìyí tí irú àyẹ̀wò báyìí fi ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ayé, tí èyí tí ó wà ní Olókeméjì sì fi ní iyì láàárín àwọn onímọ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n tún ka igi inú àwọn ilẹ̀ náà. Charter àti Keay ni wọ́n kọ àbájáde rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1960. Ilẹ̀ tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di pápá gbalasa: koríko ni ó pọ̀ níbẹ̀, igi kò tó nǹkan, àwọn igi tí ó sì kù jẹ́ irú èyí tí iná ti mọ̀ tí òun náà ti mọ iná. Ilẹ̀ tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ọ̀dàn síbẹ̀, ṣùgbọ́n igi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ dáadáa. Èyí tí iná kò dé kò jẹ́ ọ̀dàn mọ́. Orí àwọn igi rẹ̀ ti kan ara wọn, àwọn igi igbó tí kò sí ní ọ̀dàn tẹ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀, koríko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ wọn. Irú àyẹ̀wò kan náà tí Aubréville, ará Faransé, dá sílẹ̀ ní Kokondékro lẹ́bàá Bùáké, ní Kóòtù Difúà, ní ọdún 1936, bí irú ọmọ kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtumọ̀ èyí kò ju pé iná ń pa igi. Bí ó bá jẹ́ pípa ni iná ń pa igi, ilẹ̀ tí ó ti jó ní ìgbà méjìdínlọ́gbọ̀n ní léraléra kò yẹ kí ó ní igi kan ṣoṣo nínú. Ó ṣe pàtàkì, nítorí náà, láti wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí koríko àti sí igi nígbà tí iná bá kọjá lára wọn.

Koríko ọ̀dàn, àwọn bí eéran, bẹẹrẹ àti àwọn ìbátan wọn, kì í gbé ẹ̀mí rẹ̀ sókè. Ibi tí ewé tuntun ti ń yọ lára rẹ̀ wà ní ìdí, ní ojú ilẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ ilẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ohun tí ó wà lókè ti kú fúnra rẹ̀ kí iná tó débẹ̀. Nítorí náà, aṣọ tí koríko ti bọ́ sílẹ̀ ni iná ń jó, kì í ṣe koríko gan-an. Iná pápá kì í sì í pẹ́ lójú kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó máa ń lò, ooru rẹ̀ sì ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ wa ilẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kọjá, yóò rí i pé ilẹ̀ kò gbóná rárá bí ìka bá ti wọlé díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kódà kí òjò tó rọ̀, ewé tútù ti ń yọ ní ìdí koríko tí ó jó. Àwọn Fúlàní darandaran mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí ewé tútù yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ti iná bọ pápá.

Ti igi yàtọ̀. Igi kì í wó ara rẹ̀ lulẹ̀ lọ́dọọdún kí ó tún bẹ̀rẹ̀; orí èyí tí ó kọ́ lọ́dún tí ó kọjá ni ó ń kọ́ tọdún yìí lé. Èyí ni ó fi ń ga ju koríko lọ, òun náà sì ni iná fi ń rí i mú. Bí igi bá ti dàgbà, tí èèpo rẹ̀ ti nípọn, tí ewé rẹ̀ sì ti wà lókè ibi tí ahọ́n iná lè lá dé, iná á kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan ju pé kí ó fi èéfín kun ìdí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì kéré, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ewé rẹ̀ wà ní àárín koríko, gbogbo ohun tí ó wà lókè ilẹ̀ ni yóò kú. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú. Àwọn igi ọ̀dàn ti kó oúnjẹ pamọ́ sínú gbòǹgbò, bí òjò bá sì ti dé, wọn á tún rú láti ìdí. Ìrà ń ṣe bẹ́ẹ̀, abàfẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹmi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Igi kékeré tí ènìyàn rí nínú pápá lè jẹ́ arúgbó tí ó ti rú ní ogún ìgbà.

Pàkúté ni èyí jẹ́, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sì fún un nìyẹn: pàkúté iná. Kì í pa ẹran tí ó mú. Ó kàn ń dì í mọ́lẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé igi kan, lẹ́yìn tí ó bá rú, ń ga ní ìwọ̀n 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún, àti pé ó gbọ́dọ̀ tó mítà méjì-àbọ̀ kí orí rẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ iná. Bí iná bá ń wá lọ́dọọdún, 60 sẹ̀ǹtímítà ni igi náà yóò máa ní nígbà tí iná bá dé, ọdọọdún ni yóò sì máa padà sí òdo. Bí iná bá ń wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, yóò ti tó 1.8 mítà kí iná tó dé. Kò tíì tó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún márùn-ún bá kọjá láìsí iná, igi náà ti tó mítà mẹ́ta, ó ti jáde kúrò nínú pàkúté, iná ọdún kẹfà kò sì ní lè dá a padà mọ́.

Ohun méjì ni ó yẹ kí òǹkàwé fà yọ nínú ìṣirò yìí. Èkíní, kì í ṣe iye iná tí ó jó ní ogún ọdún ni ó ń pinnu ọ̀ràn igi. Ààlà tí ó gùn jù lọ láàárín iná kan àti èkejì ni. Ilẹ̀ tí iná jó ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ogún ọdún, ṣùgbọ́n tí ó rí ọdún márùn-ún sinmi ní ẹ̀ẹ̀kan, lè ní igi tí ó pọ̀ ju ilẹ̀ tí ó jó ní ìgbà mẹ́wàá péré, tí ó jẹ́ pé ọdún méjì-méjì ni iná ń wá láìyẹ̀. Èkejì, gbogbo igi kọ́ ni ó ń yára bákan náà. Igi tí ó bá rú sí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tàbí tí gbòǹgbò rẹ̀ tóbi, lè jáde ní ọdún méjì níbi tí èkejì rẹ̀ yóò ti lo ọdún mẹ́fà. Nínú pápá kan náà, lábẹ́ iná kan náà, àwọn kan yóò bọ́, àwọn kan kò ní bọ́.

Àyẹ̀wò Olókeméjì kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń sun ní ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú rẹ̀ yóò lọ sí ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Níbẹ̀, wọ́n ń sun àwọn ilẹ̀ kan lọ́dọọdún, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń dáàbò bo àwọn kan pátápátá. Nígbà tí Steven Higgins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àtúpalẹ̀ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ogójì ọdún, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007, wọ́n rí ohun kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: iye igi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tí ó ń jó àti èyí tí kò jó. Ìwọ̀n wọn ni ó yàtọ̀. Níbi tí iná ti pọ̀, igi kéékèèké ni ó kún ilẹ̀. Níbi tí kò ti sí iná, àwọn igi náà ti ga. Ẹni tí ó bá ka igi lásán tí kò wọn gíga wọn yóò padà délé pẹ̀lú ìròyìn pé iná kò ṣe igi ní nǹkan kan. Òótọ́ ni pé òjò ibẹ̀ kò tó ti Olókeméjì, erin sì wà níbẹ̀ tí ń ya igi. A kò lè gbé iye ọdún ibẹ̀ wá síhìn-ín bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí pàkúté náà ṣe ń mú kò yàtọ̀.

A ní láti padà sí Olókeméjì nísinsìnyí, nítorí ìbéèrè kan wà tí a kò tíì dáhùn. Ilẹ̀ ìkíní àti ìkejì jó lọ́dọọdún bákan náà. Bí ààlà láàárín iná bá jẹ́ ọdún kan fún àwọn méjèèjì, èéṣe tí igi fi pọ̀ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ?

Ìdí ni pé iná Dìsẹ́ńbà àti iná Máàṣì kì í ṣe iná kan náà. Ní Dìsẹ́ńbà, ìdí koríko ṣì tútù, ìrì ṣì ń sẹ̀ lálẹ́, iná a sì máa fo ibì kan dá sí. Ní Máàṣì, kò sí ewé koríko tí kò gbẹ, ewé igi tí ó wọ́ sílẹ̀ ti fi kún un, oòrùn sì ń mú. Àwọn tí ń wọn agbára iná ń fi ohun mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀: ooru tí ó wà nínú ìwọ̀n koríko kan, ìwọ̀n koríko tí ó jó, àti bí iná ṣe ń yára rìn sí. Ooru inú koríko kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti oṣù kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí koríko tí ó jó ní Máàṣì bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti Dìsẹ́ńbà, tí iná náà sì ń rìn ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin, ahọ́n rẹ̀ yóò sì ga sí i. Ìyẹn ni pé igi tí ó tó mítà méjì lè ti bọ́ lọ́wọ́ iná Dìsẹ́ńbà, kí ó má sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ti Máàṣì.

Èyí nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn kì í dúró de òjò kí wọ́n tó yọ ewé tuntun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́, láti inú oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́. Iná tí ó bá dé ní Dìsẹ́ńbà bá igi níbi tí ó ti ń sùn, tí ìṣúra rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Iná tí ó bá dé ní Máàṣì bá a níbi tí ó ti ná ìṣúra náà sórí ewé, ó sì jó ewé náà. Ìgbà tí igi tálákà jù lọ ni iná náà dé. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, gbòǹgbò tí kì í kú yẹn yóò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun náà a sì kú níkẹyìn.

Ilẹ̀ ìkẹta, èyí tí iná kò dé, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Koríko ọ̀dàn kò fẹ́ òjìji. Bí igi bá bọ́ lọ́wọ́ pàkúté, tí wọ́n sì pọ̀, orí wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn, koríko abẹ́ wọn a sì máa fọ́n. Bí koríko bá ti fọ́n, kí ni iná yóò rí jẹ? Àwọn tí wọ́n wo ilẹ̀ gúúsù Áfíríkà láti ojú sánmà rí i pé níbi tí igi bá ti bo ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ilẹ̀ lọ, iná kò tún fi bẹ́ẹ̀ ràn mọ́. Ó ń dé etí ibẹ̀, ó sì ń kú. Láti ìgbà náà lọ, igi kò nílò aṣọ́nà mọ́, òjìji ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ. Ní ìdàkejì, níbi tí koríko bá ti gbilẹ̀, iná rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ koríko. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rin láti inú pápá gbalasa bọ́ sínú igbó dídí ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà. Ní 2011, Carla Staver, Sally Archibald àti Simon Levin fi hàn pé níbi tí òjò ọdún bá wà láàárín 1,000 àti 2,500 mìlímítà, tí ẹ̀ẹ̀rùn kò sì gùn jù, igbó àti ọ̀dàn lè wà bákan náà, iná ni ó sì ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Olókeméjì bọ́ sí àárín ìwọ̀n yẹn gan-an.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ tirẹ̀ dorí kọ kò nílò láti dúró fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kí ó kọ́kọ́ wo gíga àwọn igi rẹ̀. Bí ó bá rí àwọn tí kò ju orúnkún tàbí ìbàdí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ó sì rí àgbà igi díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò rí èyí tí ó wà láàárín wọn, pàkúté ti mú ilẹ̀ náà. Kí ó wá fi ọkọ́ wa ìdí ọ̀kan nínú àwọn kékeré náà. Bí ìdí rẹ̀ bá wú, tí ó nípọn ju ọwọ́ ènìyàn lọ, tí àpá dúdú sì wà lára rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ń jáde lójú kan, arúgbó nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó bá nílẹ̀, ọmọ tuntun ni. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó wò ni igi àyin, tí a ń fi ṣe orín. Ọmọ àyin kò lè fara da iná bí ọmọ ìrà tàbí ti abàfẹ̀. Nítorí náà, bí àyin kéékèèké bá ti ń hù jáde láti etí igbó sínú pápá, iná ti ń fà sẹ́yìn ní àdúgbò náà fún ọdún mélòó kan.

Ó wà nínú ọ̀ràn yìí ohun kan tí àwọn tí wọ́n wọn ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1929 kò lè mọ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí èédú àti epo tí a ń sun ń tú sójú ọ̀run ni igi fi ń ṣe oúnjẹ, ó sì ti pọ̀ sí i gidigidi láti ìgbà yẹn. Ní ọdún 2000, William Bond àti Guy Midgley dábàá pé bí afẹ́fẹ́ yìí ti ń pọ̀, igi tí iná gé lulẹ̀ yóò máa yára rú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, igi tí ó ń lo ọdún márùn-ún láti bọ́ lè máa lo ọdún mẹ́ta, iná tí ó tó láti dá igi dúró nígbà àwọn bàbá wa lè má tó mọ́. A ti ń rí ilẹ̀ ọ̀dàn tí igi ń pọ̀ sí i nínú wọn ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti ya iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yìí kúrò lára ti ẹran ọ̀sìn, ti oko dídá àti ti ọ̀nà mọ́tò tí ń gé pápá sí wẹ́wẹ́ kí iná má lè rìn jìnnà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ka gbogbo iná pápá sí ìbàjẹ́, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí òfin dẹ́kun rẹ̀ pátápátá. Ohun tí a rí ní Olókeméjì kò gbè wọ́n tán. Bí a bá dẹ́kun iná pátápátá ní ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ tó báyẹn, ọ̀dàn kọ́ ni a ó dáàbò bò; a ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ni. Ẹmi àti irúgbá, igi ibi tí oòrùn ń wọ̀ ni wọ́n; ọmọ wọn kì í gbèrú lábẹ́ òjìji. Koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé, tí ọdún ńlá kan ní Ọ̀yọ́ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò lè hù nínú igbó. Ní ìdàkejì, òfin tí kò bá ní aṣọ́nà burú ju àìsí òfin lọ: a ó ṣọ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, koríko gbígbẹ àti ewé yóò kó jọ, iná kan ṣoṣo yóò sì bọ́ sí i ní Máàṣì láti ọwọ́ ẹni tí ó ń lé ọ̀yà, yóò sì ṣe ohun tí iná Dìsẹ́ńbà mẹ́rin kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó fi tẹ́wọ́ gba iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní ọ̀pọ̀ ibi: kì í ṣe pé kò ṣe igi ní ibi, ṣùgbọ́n ó ń jẹ oúnjẹ iná Máàṣì kí òun tó dé.

Fún ẹni tí ó ní pápá tí ó ti fi sílẹ̀, tí ó sì rí ọmọ ẹmi mélòó kan tí wọ́n ń rú nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kí òjò tó tán, kí ó yan èyí tí ìdí rẹ̀ bá nípọn jù, kí ó fi ẹ̀ka kan ṣoṣo tí ó tọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, kí ó gé ìyókù. Kí ó ro koríko kúrò yí i ká ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì, kí ó sì kó o dànù, nítorí koríko tí a ro tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ igi yóò jó ju èyí tí ó dúró lọ. Nígbà tí ó bá di Dìsẹ́ńbà, ní ìrọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí òun àti àwọn ará oko rẹ̀ fi iná sí ìyókù pápá náà láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí iná lè máa rìn lòdì sí afẹ́fẹ́ ní pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kí ó lọ wo ewé tí ó wà lórí igi náà. Bí èyí tí ó wà lókè pátápátá bá ṣì tútù, igi náà ti ń bọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ, ọdún mìíràn ni yóò tún ṣe é. Nígbà tí ewé òkè bá ti là á já ní ọdún méjì tẹ̀léra, tí èèpo ìdí rẹ̀ sì ti ń sán, kò nílò láti ro ìdí rẹ̀ mọ́.